Ìgò tó ń làágùn àti àmù tó ń rin: kí la ó bi àwọn ọmọ tí a bá ń kọ́ wọn ní ìyípo omi?

Tíṣà Òmù-Àrán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Praimárì 5 ni mò ń kọ́, ọmọ 54 ló wà ní kíláàsì mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀ ìyípo omi, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tó kọjá má tún ṣẹlẹ̀.

Nígbà náà, mo ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó: oòrùn, òkun, àwọsánmà, òkè, òjò, ọfà tó ń lọ sókè àti ọfà tó ń bọ̀ wálẹ̀. Gbogbo wọn yà á sínú ìwé, ó dára lójú. Wọ́n gba máàkì nígbà ìdánwò. Ẹ̀yìn ìdánwò ni mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: "Bí a bá gbé ìgò omi tútù jáde nínú fíríìjì, omi tó máa ń wà lára rẹ̀ níta, níbo ló ti wá?" Ọmọ mẹ́ta péré ló dárúkọ afẹ́fẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ó jò jáde láti inú ìgò. Àwọn kan ní òtútù ló di omi. Ọmọbìnrin kan ní inú fíríìjì ló ti tutù bẹ́ẹ̀ wá, pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níta rárá.

Mo ní kí n fi hàn wọ́n. Mo gbé ìgò omi tútù wá láti ilé lọ́jọ́ kejì. Oṣù kìíní ni, ọyẹ́ sì ń fẹ́ gan-an. A gbé e sórí tábìlì, gbogbo wa ń wò ó. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, kò sí ẹ̀kán omi kan lára rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn, mo kàn ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn sí orí tó kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, irú èrò wo làwọn ọmọ tiyín máa ń ní lọ́kàn nípa ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè wo lẹ sì máa ń bi wọ́n tí èrò náà fi ń jáde síta?

Àkànbí Tankẹ

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò le rárá. Ẹ gbé sítóòfù àti kẹ́tù wá sí kíláàsì, ẹ jẹ́ kí omi hó. Ohun funfun tó ń jáde lẹ́nu kẹ́tù, oru omi nìyẹn. Ẹ sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ náà ni odò Asa ń ṣe: oòrùn ń mú un gbóná, oru omi ń gòkè, ó ń kó jọ di àwọsánmà, ó sì ń rọ̀ padà sórí Ìlọrin. Ẹ gbé ọmọrí ìkòkò tó tutù sókè ibi tí oru náà ń gbà, omi á máa kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Òjò nìyẹn. Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Màmá Ajàṣẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo yín. Sáyẹ́ǹsì ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́, mo ti fẹ̀yìntì báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò tíì fẹ̀yìn tì nínú mi.

Tíṣà Òmù-Àrán, ìgò yẹn kò já yín kulẹ̀ o. Èsì tó dára jù lọ ló fún yín. Ẹ wò ó báyìí: ọmọ tó ní omi jò láti inú, ṣé omi kò sí nínú ìgò lọ́jọ́ náà ni? Ó wà níbẹ̀. Ọmọ tó ní òtútù ló di omi, ṣé ìgò kò tutù? Ó tutù. Bí omi bá wà níbẹ̀, tí òtútù wà níbẹ̀, tí ara ìgò sì gbẹ, a jẹ́ pé ohun kẹta kan wà tó máa ń pọ̀ nígbà òjò tí kì í pọ̀ nígbà ọyẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn: kí ni ohun náà? Ẹ bá jẹ́ kí wọ́n sọ gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọyẹ́, bí ètè ṣe ń bó, bí aṣọ ṣe ń tètè gbẹ lórí okùn. Wọn ì bá fúnra wọn débẹ̀. Ọyẹ́ ti apá aṣálẹ̀ Sàhárà wá, omi inú rẹ̀ kéré.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ẹnu wa. A máa ń sọ pé ìgò ń làágùn, pé píọ̀ wọ́tà ń làágùn. Ọmọ sì mọ bí èèyàn ṣe ń làágùn, inú ara ni òógùn ti ń bọ́ síta. Kí ọmọ yẹn tó dé ọ̀dọ̀ yín rárá ni èdè ti fún un ní ìdáhùn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ gbígbẹ rí. Bí ẹ̀pà bá gbẹ, ẹ̀pà ṣì wà níbẹ̀. Bí aṣọ bá gbẹ, aṣọ ṣì wà lórí okùn. Ṣùgbọ́n bí omi bá gbẹ lójú agbala, kò sí ohun kan tó kù tí ọmọ lè tọ́ka sí, ló bá gbà pé omi náà tán nìyẹn. Èmi kì í ní kí wọ́n má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwa náà là ń sọ ọ́. Mo máa ń bi wọ́n ni pé, "Ó gbẹ. Ó wá gba ibo lọ?" Àwọn kan á ní ilẹ̀ ló fà á mu, wọn kò sì jẹ̀bi, ilẹ̀ a máa fà á mu lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń da ṣíbí omi kan sínú abọ́ irin, tí mo gbé e sójú fèrèsé, tí mo tún bi wọ́n lọ́sàn-án: "Ṣé abọ́ irin ló mu ún?"

Àbúrò mi Àkànbí, ọmọrí ìkòkò yẹn dára, ẹ má fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun funfun yẹn kì í ṣe oru omi. Ẹ wo ẹnu kẹ́tù dáadáa nígbà tí omi bá ń hó. Ibi tó sún mọ́ ẹnu rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, tó fẹ̀ tó ìka kan tàbí méjì, ẹ ó rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni oru omi wà, ojú kò rí i. Èyí tó funfun lókè rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán omi wínníwínní tó ti tutù padà. Ohun tí àwọsánmà náà jẹ́ nìyẹn, ẹ̀kán omi wínníwínní, àti yìnyín wínníwínní lókè réré. Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ bí ọmọ bá ti gbà pé funfun ni oru omi, ẹ kò ní rí i kó gbà mọ́ pé omi wà nínú afẹ́fẹ́ kíláàsì tó jókòó sí, torí kò rí funfun kankan níbẹ̀.

Alfa Okelele

Asaláámù aléékúmù. Màmá, ọ̀rọ̀ òógùn yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mi ò rí dá.

Okelele ní Ìlọrin ni mo ti ń kọ́ni, kò jìnnà sí Dada níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ mi ló jẹ́ pé ìyá wọn tàbí ìyá wọn àgbà ló ń mọ̀ ọ́n. Mo ń ṣàlàyé fún wọn pé omi kì í gba ara nǹkan tí kò lu jáde, ni ọmọkùnrin kan bá dìde: "Alfa, àmù ilé wa kò lu, ó sì ń rin níta lójoojúmọ́. Ẹ wá fọwọ́ kàn án." Òótọ́ ló sọ. Mo ní amọ̀ yàtọ̀ sí rọ́bà, ṣùgbọ́n mo rí i lójú wọn pé wọn kò gbà. Lójú tiwọn ọ̀kan náà ni: omi wà nínú, omi wà níta, ó jáde nìyẹn.

Ti pé níbo ni òjò ti ń wá, gbogbo wọn ló máa ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé Ọlọ́run ló ń rọ̀ ọ́. Mi ò bá wọn jiyàn, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rán wọn létí pé nínú Súrátù Rúùmù a kà á pé Ọlọ́run ń rán afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ń ru àwọsánmà sókè, kí òjò tó jáde láàárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo máa bèèrè: "Ọ̀nà wo ló wá gbà?" Ẹnu wọn máa ń ṣí lẹ́yìn ìbéèrè yẹn. Ẹ̀rù kì í bà wọ́n mọ́ pé ìdáhùn wọn lè tàbùkù ẹ̀sìn.

Ọmọ Ọ̀fà

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Mo rí i pé omi lẹ ń sọ. Kànga ilé wa máa ń gbẹ tó bá ti di oṣù kejì. Agbẹ́kànga ní odò kan ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀, pé a ò tíì kàn án ni. Ṣé kí n ní kó máa gbẹ́ ẹ lọ?

Màmá Ajàṣẹ́

Ọmọ Ọ̀fà, ẹ kú ìnira. Orí àpáta ni ìlú wa wọ̀nyí wà. Omi kànga wa kì í ṣe odò tó ń ṣàn nínú ihò. Inú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta ló ń dúró sí, àti inú ibi tí àpáta bá ti sán, bí omi ṣe ń dúró nínú yanrìn tí ẹ bá da omi sí i. Òjò ló ń kún un, ó sì ń lọ sílẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣe ń pẹ́ sí. Bí ẹ ó bá jìn ín, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí omi ti lọ sílẹ̀ tán. Bí ọkọ́ bá sì ti kan àpáta líle, ẹni tó ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wo abẹ́ ilẹ̀ ni kí ẹ pè, kí owó má bàa ṣòfò. Tíṣà, ẹ ṣàkíyèsí èyí náà: bí ẹ bá ní kí àwọn ọmọ ya abẹ́ ilẹ̀, odò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn á yà síbẹ̀.

Alfa, ọmọ yẹn gbọ́n, inú mi sì dùn pé ó ko yín lójú. Ó tọ̀nà nípa àmù. Omi ń sun gba inú amọ̀ jáde, ó ń gbẹ lára rẹ̀, gbígbẹ náà ló sì ń mú omi inú àmù tutù. Ó kàn mú ohun tó jẹ́ òótọ́ lára àmù, ó fi lé ìgò lórí ni. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún un pé amọ̀ yàtọ̀ sí rọ́bà. Ẹ bi í ní ìbéèrè tó máa ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: "Bí omi bá ń ti inú jáde, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìwọ̀n nǹkan náà? Bí omi bá ń ti ìta wá bà lé e ńkọ́?" Kí ẹ wá gbé wọn sórí sikéèlì.

Sikéèlì kékeré tí àwọn oníkéèkì ń lò, èyí tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, ló dára. Ẹ bu omi sínú ìgò rọ́bà onídajì líta, ẹ dé e pinpin, kó sun inú fíríìjì. Ẹ má jẹ́ kó dì, torí bí ó bá dì, ìrì dídì á bo ara rẹ̀ lójú ọ̀nà, èrò fíríìjì á tún padà wá. Bí ẹ bá dé kíláàsì, ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ fínnífínní lójú wọn, ẹ gbé e sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ẹ wọn àwo àti ìgò pọ̀. Ẹ má gbàgbé àwo yẹn. Omi tó bá ṣàn kúrò lára ìgò, inú rẹ̀ ló máa dúró sí. Bí kò bá sí àwo, ẹ ó nù ún nù, ìwọ̀n yín á sì parọ́. Kí ẹ tó tún un wọ̀n lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti kọ ohun tó rò sílẹ̀: ṣé yóò lọ sókè, yóò wálẹ̀, àbí yóò dúró síbi tó wà?

Ti àmù, ìkòkò amọ̀ kékeré ni kí ẹ lò, ẹ rẹ ẹ́ sómi láti àná kó ti mu yó, ẹ kún un, ẹ dé e, ẹ gbé e sínú àwo tirẹ̀. Òun kì í yá, ẹ fún un ní wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Sikéèlì kò ní dá ọmọ tó ní òtútù ló di omi lóhùn, torí òun náà á ní ìwọ̀n yóò lọ sókè. Fún tirẹ̀, ẹ wá ìgò tútù kejì, ẹ nù ún, kí ẹ tètè gbé e sínú ike ńlá olómorí, ẹ dé e. Òtútù àwọn méjèèjì dọ́gba. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni ti inú ike ní.

Àkànbí Tankẹ

Màmá, mo dúpẹ́. Mo lọ wo kẹ́tù lálẹ́ yìí. Òótọ́ ni, ẹnu rẹ̀ mọ́ kedere, lókè díẹ̀ ló ti funfun. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ́ ọ ní òdì. Ṣùgbọ́n ti odò Asa yẹn ńkọ́? Ìyẹn tọ̀nà, àbí?

Màmá Ajàṣẹ́

Apá kan rẹ̀ tọ̀nà. Omi ń lọ láti ojú Asa, ó ń lọ láti ara ewé, ó ń lọ láti ilẹ̀ tó tutù. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọmọ yín ní èyí, kí ẹ má sì yára dáhùn rẹ̀: "Nínú oṣù kìíní, Asa wà níbẹ̀, oòrùn sì ń mú ganrínganrín. Kí ló dé tí òjò kò rọ̀?" Bí ó bá jẹ́ pé oòrùn àti odò Asa nìkan ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni ì bá jẹ́ ìgbà òjò. Ohun tó yí padà ni ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Nígbà òjò, apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá, ó ti kọjá lórí òkun kó tó dé Èkó, ó gbé omi dání wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà ọyẹ́, apá àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń wá. Àwòrán inú ìwé fi òkun, òkè àti àwọsánmà sínú ojú ìwé kan, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń rò pé omi tó gòkè lẹ́yìn ilé wọn náà ló máa rọ̀ padà lẹ́yìn ilé wọn. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ orúkọ ìlú sára ọfà: Èkó, Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin.

Tíṣà Gánmọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí "oru omi" yìí. Àwọn ọmọ mi gbọ́ "oru", ooru ló wá sí wọn lọ́kàn. "Oru ń mú mi" là ń sọ. Nítorí náà wọ́n gbà pé omi gbọ́dọ̀ gbóná kó tó lè gòkè. Mo fi aṣọ tó ń gbẹ lábẹ́ òrùlé lọ́jọ́ tó tutù hàn wọ́n, wọ́n ní oòrùn gba òrùlé wọlé ni. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ báyìí, "omi inú afẹ́fẹ́" ni mò ń pè é.

Alfa Okelele

Tíṣà Gánmọ̀, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá bá "oru omi" pàdé nínú ìwé ńkọ́? Èmi á fi "omi inú afẹ́fẹ́" bẹ̀rẹ̀, kí n tó mú "oru omi" wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí ti ìgò.

Tíṣà Gánmọ̀

Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Lọ́dọ̀ tèmi, bí mo bá ti mẹ́nu ba oru, gbígbóná ni gbogbo rẹ̀ ń dà padà sí. Mi ò tíì rí ẹni tó bá mi yanjú rẹ̀.

Tíṣà Òmù-Àrán

Mo ti ṣe é o. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo yá sikéèlì lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ṣe kéèkì ní àdúgbò. Kí a tó tún ìgò wọ̀n, mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò. Ọmọ 31 ní yóò wálẹ̀, 14 ní yóò dúró síbi tó wà, 9 ní yóò lọ sókè. Ní agogo 9:05, ìgò àti àwo jẹ́ gíráàmù 604. Ní 9:35, ó di 609. Ariwo sọ. Ọmọkùnrin kan pariwo pé sikéèlì ti bàjẹ́, mi ò sì bá a wí, torí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. A gbé òkúta kan lé e, a kọ ọ́ sílẹ̀, a sì ń tún òkúta yẹn wọ̀n ní gbogbo ìgbà tí a bá wọn ìgò. Òkúta kò yí padà rárá. Ní 10:05, ìgò di 611.

Mo wá bèèrè bí mo ṣe rí i níbí: "Bí ó bá jẹ́ inú ló ti jáde, níbo ni gíráàmù 7 yìí ti wá?" Kíláàsì dákẹ́. Ọmọbìnrin tó ní fíríìjì ló ṣe é yẹn, ó ti wà ní kíláàsì mìíràn báyìí, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ló dìde. Ó ní, "Ó wà nínú kíláàsì tẹ́lẹ̀." Mo ní níbo nínú kíláàsì? Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó yí i ká orí rẹ̀.

Ti ìgò inú ike olómorí, nígbà tí a ṣí i, ó kàn ṣú díẹ̀ lára bí ẹni fẹ́ èémí sí díńgí ni. Ìyẹn ló mú àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ òtútù dákẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ méjì ṣì ní ike ló gba òtútù náà mu. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀, mi ò tíì mọ bí n ó ṣe dá wọn lóhùn.

Ohun tí mi ò retí ni ti ọjọ́ kejì. Mo fi ìgò àti àwo sílẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ní àárọ̀, àwo ti gbẹ, ìgò ti gbẹ, a wọ̀n ọ́n: 604. Ọmọ kan ní, "Ó ti padà lọ síbi tó ti wá." A kò se omi náà, a kò gbé e sóòrùn. Gbogbo àlàyé tí mo ti ń ṣe pé omi lè gòkè láì hó, ìgò ló ṣe é fún mi.

Alfa Okelele

Alihamudulilai. Èmi náà ṣe ti ìkòkò. Ìyá ọmọ yẹn ló fi ìkòkò kékeré kan ránṣẹ́. Ní 8:30 ó jẹ́ gíráàmù 3,140 pẹ̀lú omi inú rẹ̀ àti àwo. Ní 12:30 ó di 3,104. Ìgò lọ sókè, ìkòkò wálẹ̀, méjèèjì sì tutù lára nígbà tí a fọwọ́ kàn wọ́n. Mo ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fún àwọn yòókù. Ó ní àmù ń fún afẹ́fẹ́ ní omi, ìgò ń gbà á lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Ìyá rẹ̀ ní kí n sọ fún yín pé ọyẹ́ ni àmù máa ń tutù jù, pé gbogbo alámù ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Màmá Ajàṣẹ́

Ẹ bá mi kí i. Ohun kan náà tó ń mú kí ìgò má làágùn lásìkò ọyẹ́ ló ń mú kí àmù tutù dáadáa: afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń tètè gba omi lára amọ̀. Bí àwọn ọmọ bá lè so méjèèjì pọ̀, wọ́n ti kúrò ní ti ẹni tó ń ya ọfà.

Tíṣà, ti ọmọ méjì tó ní ike gba òtútù mu, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ kan ìgò inú ike àti ti ìta pọ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí i. Bí ti inú ike ṣì tutù bákan náà, òtútù rẹ̀ kò lọ síbì kankan.

Ọmọ Ọ̀fà

Màmá, mo gbọ́ ti kànga. Ṣùgbọ́n agbẹ́kànga wa ní òun fi etí ara òun gbọ́ ìró odò náà. Ó ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò lè sọ pé irọ́ ló ń pa.

Màmá Ajàṣẹ́

Mi ò ní irọ́ ló ń pa. Bí omi bá ń sun láti ara àpáta sínú kànga, ó lè dún bí odò. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i láti òkè kí ẹ wò ó, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan má dá nìkan wọ inú kànga o.

Tíṣà Òmù-Àrán

Ó ku ìbéèrè kan. Lánàá, ọmọ kan bi mí pé bí a bá ti gbogbo fèrèsé, tí a ń gbé ìgò tútù wọlé ṣáá, ṣé omi inú afẹ́fẹ́ kíláàsì yóò tán? Mo ní n ó wádìí rẹ̀.

Màmá Ajàṣẹ́

Ẹ kí ọmọ yẹn fún mi. Báwo ni kíláàsì yín ṣe tóbi tó? Bí ó bá gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní 6, tó ga ní 3, ó lé díẹ̀ ní 140 tí ẹ bá ṣe é nílọ̀po. Lásìkò òjò báyìí, nínú àpótí afẹ́fẹ́ tó jẹ́ mítà kan níhà gbogbo, omi bíi gíráàmù 20 ló máa ń wà níbẹ̀. Ó ń lọ sí bíi líta mẹ́ta nínú kíláàsì yín, tó bí píọ̀ wọ́tà mẹ́fà onídajì líta. Ìgò yín gba gíráàmù 7 nínú rẹ̀. Ìgò tó ń wọlé léraléra á máa dín in kù, ṣùgbọ́n bí omi inú afẹ́fẹ́ bá ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ìgò náà gbọ́dọ̀ túbọ̀ tutù kó tó rí omi gbà, títí ìgò fíríìjì kò fi ní rí nǹkan gbà mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín lóṣù kìíní nìyẹn. Omi inú afẹ́fẹ́ kò tán lọ́jọ́ náà. Ìgò yín ni kò tutù tó. Àti pé ọmọ 54 tó ń mí nínú kíláàsì, àwọn náà ń dá omi padà sí i.

Tíṣà Òmù-Àrán

Ha, Màmá. N ó ní kí wọ́n fúnra wọn wọn kíláàsì lọ́la. Tó bá di ọyẹ́, n ó gbé ìgò méjì wá, ọ̀kan láti inú fíríìjì, èkejì tó ti dì gbagidi nínú fírísà, n ó sì bi wọ́n èwo ló máa làágùn. Èmi gan-an fẹ́ rí i.